Àwòrán Pọ̀, Oníṣọ́ọ̀bù Ò Rí Aṣọ

Òkun o, ẹ̀yin ará Kábbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Ìyàrá àti Ẹ̀gbẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí síláìdì tí a fi ń fi aṣọ tuntun han àwọn tó ń kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti sọ ọ́ níbí rí, n óò tún un sọ: oníṣọ́ọ̀bù kò wá wo omidan. Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa kọ ló ń wá.

Ẹ wo eléyìí lára ògiri. Ọmọbìnrin dúró lórí àpáta, oòrùn ń wọ̀, aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó dáa. Ṣé ó ní àpò? Báwo lẹ́yìn rẹ̀ ṣe rí? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Oníṣọ́ọ̀bù ò ní rẹ́rìn-ín, á kàn ṣí ojú ewé kejì ni. Ojú ewé 46 ni arábìnrin tó ṣe é lò fún aṣọ 9! Mo ní kó dín in kù sí 11: ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ tí aṣọ máa dé, aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Iwájú á tóbi, ẹ̀yìn á kéré, ẹ̀gbẹ́ wọn á ní àwòrán tí a yà súnmọ́ débi pé fọ́nrán òwú hàn. Nísàlẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà aṣọ, bíi OK-03, sáìsì, àti iye tí oníṣọ́ọ̀bù máa san fún yín. Kì í ṣe iye tí òun máa tà á o.

Pupa ló máa ń dójú tì wá. Fóònù kì í mọ̀ ọ́n gbé: fọ́nrán á pòórá, aṣọ á dà bí ọ̀dà. Lábẹ́ gílóòbù oníyẹ́lò, á fẹ́ jọ ọsàn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ò kàn tààrà, ẹ fi bébà funfun tì í, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ fóònù wálẹ̀ díẹ̀. Bí bébà bá pọ́n nínú àwòrán, aṣọ náà ti ń parọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ gé aṣọ gan-an díẹ̀ dání, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. (Ẹni tó gbé aṣọ ìpò Bùnú, aṣọ ìsìnkú àgbà, sẹ́yìn ìyàwó tuntun nínú síláìdì tirẹ̀, mi ò ní dárúkọ. Ó jókòó síbí.)

Mo fẹ́ bọ́ sórí owó ni ìyá kan na ọwọ́: "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ 60, ta ló máa hun ún?"

Mo pa síláìdì tó kù tì. OK-03 ń gba ìró aṣọ 2. Ìyá ní ọjọ́ 4 lòun fi ń hun ọ̀kan. Ìró 120, ọjọ́ 480 nìyẹn. Ahunṣọ 6 ló wà, ọjọ́ 80 gbáko, a ò tíì rán nǹkan kan. Ohun tí síláìdì wa sì ṣèlérí ni ọ̀sẹ̀ 6! Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 2 fún rírán, ó ku ọjọ́ 28. Ìró 42 ni wọ́n lè hun, ẹ̀wù 21. Mo ní ká kọ ọ́ sí ojú ewé OK-03 pé a ò ní gbà ju 20 lọ.

Ìyá mi orí. "Kọ 18. Òkú kan wà nílé wa lóṣù tó ń bọ̀."

A kọ 18. Àkókò ti tán, a ò dé ọ̀rọ̀ owó.