Ẹsẹ̀ Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìbàdàn nìyí, lórí bí a ṣe ń mọ̀ pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ti fẹ́ lọ. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́ kúrò, ṣùgbọ́n mo fi àwàdà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn olùkọ́ kan jà, àwọn tó ń gbowó wa nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á ní ìdá 93 nínú ìdá 100 ohun tí èèyàn ń sọ kò sí nínú ọ̀rọ̀, pé ara àti ohùn ló wà. Albert Mehrabian, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ni wọ́n ń fi bo ara wọn. Ohun tí Mehrabian wádìí ní 1967 kéré sí bẹ́ẹ̀ púpọ̀: bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ohùn tàbí ojú rẹ̀ sì tako ọ̀rọ̀ náà, èwo ni olùgbọ́ máa fi mọ̀ bóyá inú onítọ̀hún dùn sí òun? Kò sí ẹni tó ń ròyìn nínú ìwádìí yẹn, kò sì sí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Bó bá jẹ́ pé 93 ló wà lára lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ kí n máa jó fún yín, kí ẹ wá bá mi ròyìn ohun tí mo wí.

Àwọn kan náà ló ń kọ́ wa pé ẹni tí kò bá wojú rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ ti sú u nìyẹn. Ní Ìbàdàn níbí? Ọmọ tí ẹ kọ́ dáadáa, tí ẹ ń bá wí, ilẹ̀ ló ń wò. Bó bá tẹjú mọ́ yín, ẹ̀yin náà lẹ máa ní, "Ṣé èmi lò ń wò báyẹn?" Bí a bá fi ìwọ̀n wọn wọn wá, gbogbo ọmọ tó wà nílé yín ni ọ̀rọ̀ yín ti sú. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ó lè jẹ́ òótọ́ ni tiyín.) Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọdé bá ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ojú ti gba iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ lẹ máa wò.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀? Ní 1998, Emanuel Schegloff, onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kọ̀wé lórí ara tó lọ́, ìyẹn nígbà tí orí kọjú síbì kan, tí ìbàdí àti ẹsẹ̀ sì kọjú síbòmíràn. Ó ní ibi tí ìsàlẹ̀ ara kọjú sí ni olórí iṣẹ́ ẹni náà wà. Ibi tí orí yí sí, ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo obìnrin tó ń ro àmàlà, tí ẹ wá kí i lẹ́yìn. Ó yí ọrùn, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níwájú ìkòkò. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn gígùn níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ìkòkò kò bá sí níbẹ̀.

Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan ní ọjà Bódìjà. Ìyá elélùbọ́ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ òrùlé ilé kan ní Ológunẹ́rù ni mò ń sọ fún un, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọjú sí mi, ó ń ní, "Háà! Kí wá ni kápẹ́ńtà wí?" Ẹ rántí ìbéèrè yẹn, torí pé òun ló kọ́kọ́ kú. Ó di "Ẹn-ẹn." Ó di mímirí lásán. Lẹ́yìn náà mímirí yẹn yá sí i, ó sì ń dé kí n tó parí gbólóhùn, bí ẹni ń sọ pé, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." Ó so ẹnu nílọ́ọ̀nù èlùbọ́ mi, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo ṣì ń ròyìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti yà sí ẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí tapólì wà, ìbàdí sì tẹ̀lé e; orí nìkan ló kù fún mi. Ó wá ní, "Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn nìyẹn! Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ bá òun kí ará ilé ti dágbére, ohun tó kù ò ju "Wọ́n á gbọ́ o, ó dàárọ̀" lọ. Èmi ní "Wọ́n á gbọ́," mo wá ní, "Àní kápẹ́ńtà yẹn..." Ó fa tapólì bo èlùbọ́ níṣojú mi.

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe ń parí, wọ́n rí i pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó parí nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ kó parí kò ju nǹkan bí 2 nínú 100. Ìdí ni pé a máa ń fi ohun tí a fẹ́ pamọ́ fún ara wa. Ẹ má sì gbàgbé, àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó pẹ́ sí i.

Nítorí náà, àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyípadà ni kí ẹ máa wá: bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ohun méjì tàbí mẹ́ta tó yí padà papọ̀. Ẹni tí oòrùn ń pa á lè yà ẹsẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè máa yí ìdúró padà. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Agbádá sì ń bo ẹsẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́: bí bàbá bá ká apá agbádá méjèèjì sí èjìká, tó tẹ̀ síwájú lórí àga, bàbá ti dìde nínú ọkàn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fóònù, àwọn ọ̀rọ̀ bí "Ó dáa náà" àti "Ó yá o", ṣùgbọ́n alága ti ń wo aago. Ìyá kan ní iwájú na ọwọ́ sókè lákòókò yẹn, ó ní, "Ọmọ mi kì í yà ẹsẹ̀. Ó jókòó sójú kan náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dárúkọ ìyàwó, á gbé fóònù, á máa wo ògiri."

Ìbéèrè yẹn dára ju ohun tó kù nínú ìwé mi. Mà á, ẹni tó fẹ́ lọ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kì í ṣe ẹnì kan náà. Ẹni tó fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ló sábà máa ń yà kúrò. Ẹni tó ń sá fún ọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń dúró, òkè ló ń yí: á gbé nǹkan, á sọ̀rọ̀ nípa nǹkan náà, ọwọ́ á kó síra wọn. Ẹ dán an wò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi í léèrè mọ́tò rẹ̀. Bí fóònù bá lọ sílẹ̀, tó sì yíjú sí yín, tó béèrè nǹkan padà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ náà ló ń sá fún, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ó ní, "Mọ́tò yẹn kọ́? Èmi ni mo bá a san ìlàjì owó rẹ̀. Ó ti ní kí n má dárúkọ ìyẹn náà mọ́."