Máàpù tó ń pọ́n sí Ìbàdàn nígbà gbogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù ìlera sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí rè é, mo kàn tẹ̀ ẹ́ fáwọn tí ò lè wá ni.

Ká ní onígbáméjì wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó sì jẹ́ pé bó ṣe ń mú wọn lápá kan náà ló ṣe ń mú wọn níbi gbogbo, èèyàn 50 nínú 100,000, kò ṣojúsàájú ìjọba ìbílẹ̀ kankan. Ìkànìyàn ọdún 2006 fún Àríwá Ìlà-oòrùn Ìbàdàn ní nǹkan bíi 330,000 èèyàn, Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ nǹkan bíi 199,000, Ògo-Olúwa, àwọn ará Àjáàwà yẹn, nǹkan bíi 65,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: Ìbàdàn á ní aláìsàn 165, àwa á ní bíi 100, Ògo-Olúwa á ní bíi 33. Tẹ́ ẹ bá wá da nọ́ńbà yìí sórí máàpù bó ṣe wà, Ìbàdàn á pọ́n rokoso, Ògo-Olúwa á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, gbogbo ẹni tó bá rí i á sì pariwo pé Ìbàdàn làrùn ti ń jà, bẹ́ẹ̀ kò síbi tó ti jà ju ibì kan lọ! Iye èèyàn lẹ yà, ẹ wá kọ onígbáméjì sí i lórí.

Ibi tó ti wá ń dunni nìyí o. Ká ní 65 ló ń ṣàìsàn l'Ógo-Olúwa, kì í ṣe 33. Ìyẹn ti di 100 nínú 100,000, ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí kànga kan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ lórí máàpù yẹn, òun náà ló ṣì máa funfun jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó máa lọ wo kànga.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ fi iye èèyàn pín iye aláìsàn kẹ́ ẹ tó yà á. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ẹ yan Graduated, kẹ́ ẹ tẹ èyí síbi Value, "cases" ni iye aláìsàn, "pop" ni iye èèyàn:

```
"cases" / "pop" * 100000
```

Tẹ́ ẹ bá gba máàpù lọ́wọ́ ẹlòmíì tẹ́ ẹ sì ń fura, ẹ fi kọ́lọ̀ kan náà ya iye èèyàn nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí méjèèjì bá jọra bí ìbejì, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi pín in.

Mi ò ní kẹ́ ẹ da iye gan-an nù o. Ẹni tó fẹ́ mọ iye bẹ́ẹ̀dì àti dúríìpù tó máa kó lọ, 165 yẹn gan-an ló nílò, àmọ́ róbótó ni kẹ́ ẹ fi yà á, kí fífẹ̀ róbótó bá iye mu, ẹ má fi kun gbogbo ilẹ̀.

Ìpín náà sì ní wàhálà tiẹ̀ níbi téèyàn ò ti pọ̀. Tí Ògo-Olúwa bá ní aláìsàn méjì lọ́dún yìí, ìyẹn 3 nínú 100,000, tó wá di mẹ́rin lọ́dún tó ń bọ̀, ó di 6, máàpù á yí kọ́lọ̀, wọ́n á ní àrùn ti di ìlọ́po méjì, nígbà tó jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo lè fa méjì tó lé yẹn. Irú ibẹ̀ yẹn, ẹ pa ọdún mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ kẹ́ ẹ tó pín in.