Ẹni tí kò bèèrè omi mọ́: bá a ṣe ń mọ ẹni tó yẹ fún dírípù nínú kọ́lẹ́rà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò sọ lọ́jọ́ Sátidé ni mo kọ síbí yìí, àwọn kan ò rí ààyè wá, àwọn tó sì wá ní nọ́ńbà inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí lásán.

Ìbéèrè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì ń yàgbẹ́ tó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ọ̀kan ń pariwo òùngbẹ, ó ń já kọ́ọ̀pù gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Èkejì sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò yọ ẹnì kankan lẹ́nu. Ta lẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ bá? Ọ̀pọ̀ nínú yàrá yẹn ló ní alariwo. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹni tó dákẹ́ yẹn ló ń kú lọ.

Ìpele mẹ́ta la máa ń pín wọn sí, èmi máa ń pè wọ́n ní kò tíì gbẹ, ó ń gbẹ, àti ó ti gbẹ tán. Ká sọ pé èèyàn wọn 60 kílò: tí omi tó ti bá a lọ ò bá tíì tó lítà 3, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan lára ẹ̀. Láàárín lítà 3 sí 6, ó ń gbẹ. Tó bá ti kọjá 6, ó ti gbẹ tán nìyẹn, ikú ò sì jìnnà. Àmọ́ ta ló fẹ́ wọn omi tó ti bá ẹnì kan lọ nílé? Ara aláìsàn la máa ń kà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìṣesí ẹ̀, ẹ wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti jìn wọlé, ẹ bi ẹni tó gbé e wá bóyá bójú ẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn torí ojú àwọn míì ti jìn tẹ́lẹ̀. Ẹ fún un lómi kẹ́ ẹ máa wò ó bó ṣe ń mu ún. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fa awọ ikùn ẹ̀ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú kẹ́ ẹ fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹni tó ń gbẹ, ara ẹ̀ kì í balẹ̀, inú máa ń tètè bí i, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, awọ ẹ̀ ń padà àmọ́ ó ń lọ́ra. Méjì nínú àmì wọ̀nyí ti tó. Ẹni tó ti gbẹ tán, awọ ẹ̀ ṣì ga sókè lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2, ojú ti jìn, kò lè mumi dáadáa, méjì nínú mẹ́ta yẹn ti tó. Ṣùgbọ́n tí iṣan ọrùn ọwọ́ bá ti rọ̀ tàbí tẹ́ ò rí i rárá, tàbí tó ń tòògbé tẹ́ ò lè jí i dáadáa, tàbí tí mímí di ìṣòro fún un, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ti tó, ẹ má dúró wá èkejì. Àwọn ọmọ tó ti rù gan-an àtàwọn arúgbó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé awọ wọn, awọ yẹn kì í tètè padà nígbà tára wọn le pàápàá.

Ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ báyìí. Òùngbẹ máa ń pọ̀ sí i bí omi ṣe ń tán lára, lẹ́yìn náà ó dà bí ẹni pé ó lọ. Aláìsàn ò bèèrè omi mọ́, àwọn ará ilé ní "ó ti ń sinmi", nígbà tó jẹ́ pé kò lágbára láti mu ún mọ́ ni.

Arábìnrin kan wá bi mí pé kí ló dé tá ò kúkú gbé dírípù kọ́ fún gbogbo wọn ká sinmi. Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí kọ́lẹ́rà ń ṣe ni pé májèlé ẹ̀ ń mú kí ìfun máa tú iyọ̀ jáde, omi á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà nínú ìfun tí májèlé yẹn kì í bà jẹ́: tí ṣúgà bá ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń fa iyọ̀ dání, omi á tún tẹ̀ lé wọn. Ìdí tí ó-á-ẹ́sì, ìyẹn omi mímu tí wọ́n po ṣúgà àti iyọ̀ sí, fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn bí ìgbẹ́ ò tiẹ̀ tíì dá. Lọ́dún 1971, nígbà tí àwọn tó sá fún ogun Bangladéṣì kún àgọ́ ní Bọ́ńgáọ̀n ní Íńdíà, dírípù tán lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis, ló bá ní kí wọ́n máa po ṣúgà àti iyọ̀ sómi, àwọn ẹbí ló sì ń fún èèyàn wọn mu. Ikú tó ti tó nǹkan bí 30 nínú 100 já wálẹ̀ sí bíi 3 sí 4. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ò nílò abẹ́rẹ́ kankan, ibi tẹ́ ẹ bá sì ti ń fi dírípù ṣòfò lórí ẹni tó lè mu, àìsí ẹ̀ lẹ máa bá nígbà tí ẹni tí kò lè mu bá dé.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹnì kan. Baba kan, 60 kílò, wọ́n gbé e dé láago 8 àárọ̀. Ara ẹ̀ ò balẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, awọ ń lọ́ra, iṣan ọwọ́ ṣì ń lù dáadáa. Ó ń gbẹ. Ó-á-ẹ́sì mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín wákàtí 4 ni òfin ẹ̀, ó já sí lítà 4 ààbọ̀, ìyẹn kọ́ọ̀pù mílílítà 250 ní bíi ìṣẹ́jú 13 síra wọn. Tó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí.

Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù fún ìyàwó ẹ̀, gbogbo èèyàn bá tiwọn lọ. Ibi tí nǹkan ti ń bà jẹ́ nìyẹn. Láago 9 nọ́ọ̀sì padà wá, ó wo ike omi: ó yẹ kó ti mu ju lítà kan lọ, kọ́ọ̀pù kan àtààbọ̀ péré ló wọlé, ó sì bì í. Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fà ìlà sí lára, lítà 2 ló wà níbẹ̀. Baba ti dákẹ́. Iṣan ọwọ́ ò ṣeé rí mọ́.

Ó ti gbẹ tán. Dírípù ni, Ríngà Láktéètì, mílílítà 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan: lítà 6, ìyẹn àpò mílílítà 500 méjìlá. Mo tún un sọ torí ẹnu yà wọ́n. Ẹnì kan tó kọ́ àpò méjì sókè tó wá lọ jẹun ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lítà 1.8 gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, lítà 4.2 yòókù ní wákàtí 2 ààbọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, wákàtí 1 ni mílílítà 30 fún kílò máa gbà, wákàtí 5 ni 70 tó kù máa gbà. Kánnúlà, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí dírípù ń gbà wọ iṣan, tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù ò lè gbé lítà 1.8 yẹn, ó tín-ín-rín jù, aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi sí ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ṣí i pátápátá, wọ́n gbé àpò sókè gan-an. Tí kò bá sí Ríngà, ẹ lo sálínì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní pótásíọ̀mù. Omi dẹ́síróòsì lásán ni kẹ́ ẹ má lò, kò sí iyọ̀ nínú ẹ̀.

Láago 9:40 iṣan ọwọ́ padà. Ká ní kò padà ni, wọ́n máa tún 30 fún kílò yẹn gbé sí i lẹ́ẹ̀kan. Gbàrà tó lè gbé nǹkan mì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ó-á-ẹ́sì, mílílítà 300 ní wákàtí kan, dírípù ṣì ń wọlé. Wọ́n ń ṣọ́ ìpéǹpéjú ẹ̀ bóyá ó ń wú, wọ́n ń gbọ́ àyà ẹ̀ bóyá omi ti ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, torí omi lè pọ̀ jù náà. Nígbà tí èébì dá, wọ́n fún un ní dọkisisáíkílììnì, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò kọ́lẹ́rà, mílígírámù 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn á dín iye ọjọ́ ìgbẹ́ kù, kò sì lè ṣiṣẹ́ omi.

Láago 12 kọjá díẹ̀ wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó ti padà sí ó ń gbẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lítà 4 ààbọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí nọ́ọ̀sì fa àga ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń sàmì sí kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Láago 3 ọ̀sán, baba bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé kọ́ọ̀pù ò tètè dé.