Bí Gbogbo Ọ̀rọ̀ Orí Síláìdì Bá Nípọn, Èwo Ni Ká Wò?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo síláìdì yìí. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni màá fi sílẹ̀.

[Lójú àwòrán. Ìlà kejì àti ìkẹta wà lórí àwọ̀ yẹ́lò.]

🚨 PÀTÀKÌ 🚨
📁 A ó ti ibi ìpamọ́ fáìlì àtijọ́ pa
⏰ Ẹ kó fáìlì yín kúrò kí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù
🔑 Ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kò yí padà
🙏 Bí ìṣòro bá wà, ẹ pe ẹ̀ka ẹ̀rọ

Ó ti lọ. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ẹ kó fáìlì yín kúrò? Agogo mélòó?

Bí ẹ kò bá rántí, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Mo ti ṣe irú síláìdì yìí rí fún ìpàdé ibi iṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì kọjá, àwọn kan wá bá mi pé àwọn ò rí fáìlì àwọn mọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ìkìlọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn rí i, pé àwọn rántí iná pupa tó wà lókè. Ọjọ́ àti agogo ni wọn ò rántí. Ó dùn mí, torí mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ó hàn.

Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà níbẹ̀. Ìmójì mẹ́fà ni. Lẹ́tà nípọn ní ibi mẹ́fà. Ìlà méjì wà lórí àwọ̀ yẹ́lò. Gbogbo èyí wà lórí ìlà márùn-ún péré. Kò sí ìlà kankan tí ojú lè fò kọjá, nítorí náà kò sí èyí tí ojú lè dúró lé.

Lẹ́tà tó nípọn kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká ló ń fún un lágbára. Ní ọdún 1933, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Hedwig von Restorff, fi hàn pé bí ohun kan bá yàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ohun tó jọra, èyí tó yàtọ̀ náà làwọn ènìyàn máa ń rántí jù. Ìyàtọ̀ ni ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá sọ ìkejì di nípọn, ẹ ti gba nínú agbára àkọ́kọ́ fún un. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, wọ́n ti pín in tán láàárín ara wọn.

Báwo la ṣe máa tún síláìdì yìí ṣe? Ẹ kọ́kọ́ bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ náà kúrò. Nínú PowerPoint, ẹ yan àwọn ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tẹ Ctrl+Space, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa àwọn ìmójì rẹ́, ẹ sì yọ àwọ̀ yẹ́lò bí ó bá ṣì wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tẹ Ctrl+B, ẹ bi ara yín pé: bí ẹni tó ń wò ó bá gbàgbé gbogbo ìyókù, èwo ni kò gbọ́dọ̀ gbàgbé?

Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ohun méjì ni: iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, àti àkókò tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ parí. Ẹ má tíì sọ àwọn méjèèjì di nípọn. Àkọlé tóbi tẹ́lẹ̀, òkè ló sì wà. Ibẹ̀ ni ojú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ sí àkọlé. Àkókò nìkan ló wá kù fún lẹ́tà nípọn.

[Lójú àwòrán.]

Ẹ kó fáìlì yín kúrò ní ibi ìpamọ́ àtijọ́
A ó tì í pa ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ibi ìpamọ́ tuntun ti ṣí. Ọ̀rọ̀ ìwọlé yín kò yí padà.
Bí ìṣòro bá wà, ẹ pe ẹ̀ka ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà “PÀTÀKÌ” ti lọ. Kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe pàtàkì gan-an ló ti wà níbẹ̀ báyìí.

Àwọ̀ yẹ́lò ńkọ́? Òun ló le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì ní lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú gbogbo síláìdì ìpàdé kan. Ó tún ní ewu kan tí a kì í tètè rí. Bí síláìdì yín bá dúdú tí lẹ́tà rẹ̀ sì funfun, tí ẹ wá fi yẹ́lò sẹ́yìn lẹ́tà funfun náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ó hàn jù ló máa kọ́kọ́ parẹ́. Ìlànà WCAG fún ojú ìwé orí ayélujára ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 bí lẹ́tà bá tóbi. Funfun lórí yẹ́lò gidi kò ju bíi 1.07 sí 1 lọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo yẹ́lò, ẹ sọ lẹ́tà orí rẹ̀ di dúdú. Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, ẹ tún yẹra fún fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, torí ìlà náà máa ń bo àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ.

Ìmójì ní tirẹ̀ kì í ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. 🙏 jẹ́ àdúrà lójú ẹnì kan, ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tàbí ọpẹ́ lójú ẹlòmíràn. Àwòrán rẹ̀ náà lè yí padà láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn: ní 2016, Apple sọ ìmójì ìbọn di ìbọn omi nígbà tó ṣì jẹ́ ìbọn gidi lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ sì rántí ẹni tí kò ríran, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ka síláìdì náà sí i létí. Kọ̀ǹpútà máa ń ka orúkọ ìmójì kọ̀ọ̀kan jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í sábà sọ pé ọ̀rọ̀ kan nípọn. Ariwo ọ̀ṣọ́ yín nìkan ló máa gbọ́, kò ní gbọ́ ìtẹnumọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tó jẹ́ dandan.

Ìgbà kan wà tí lẹ́tà nípọn lè pọ̀ láìṣe àṣìṣe. Bí ìwé tí ẹ máa pín fún ènìyàn láti kà nílé bá ní orúkọ nípọn níbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn orúkọ náà ń ṣe iṣẹ́ àkọlé. Ojú á mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tún fi nípọn kan náà tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ láàárín ìpínrọ̀.

Kí ẹ tó lọ sí ìpàdé, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ tó nípọn nìkan sókè. Tiwa ti àkọ́kọ́ kà báyìí: pàtàkì, ibi ìpamọ́ fáìlì àtijọ́, fáìlì yín, kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù, ọ̀rọ̀ ìwọlé, pe. Ti ìsinsìnyí: agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síláìdì náà han ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tí mo bi yín níbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú nǹkan mìíràn, ẹ gbé lẹ́tà nípọn náà kúrò níbi tó wà lọ síbi tó yẹ. Ẹ má fi ìkejì kún un.