Bí ẹ ṣe máa kọ pírọ́ńpùtù wọ́lípépà tí aago ò ní jókòó sórí èèyàn

Ẹ káàbọ̀ o. Ohun tá a fẹ́ ṣe lónìí ò pọ̀, a fẹ́ kí éè-áì ya onígángan kan fún wa tá a máa fi ṣe wọ́lípépà lọ́ọ̀kì sikirín, kí aago má bọ́ sí i níwájú orí, kí àwọn bọ́tìnì ìsàlẹ̀ má sì bò ó lẹ́sẹ̀. Áàpù tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi ya á, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ sínú ẹ̀ ló jẹ mí lógún.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ tan fóònù yín, ẹ má tíì ṣí i, ẹ ya sikirínṣọ́ọ̀tì lọ́ọ̀kì sikirín yẹn bó ṣe wà. Ẹ wo tèmi báyìí. Fóònù yìí jẹ́ 1080 píkísẹ̀lì ní fífẹ̀, 2400 ní gíga. Aago àti déètì ló gba òkè, wọ́n parí síbi nǹkan bíi 750. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀, àmì ìka tá a fi ń ṣí fóònù bẹ̀rẹ̀ níbi nǹkan bíi 2000, tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà sì wà ní kọ̀rọ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé láti 750 dé 2000 nìkan ni onígángan wa láyè, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró sí látorí fìlà dé sálúbàtà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mí dáadáa níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó ga tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta sikirín, ìyẹn bíi 800, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Tiyín lè yàtọ̀ o, torí àwọn fóònù kan wà tí aago wọn tóbi tó sì jókòó sáàárín gbùngbùn nígbà tí nòtifikéṣọ̀n ò bá sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yà á kẹ́ ẹ wò ó, ẹ má fojú bù ú.

Ó yá, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ rèé:

```
phone wallpaper, talking drummer, detailed face,
beaded cap, big smile, no clock, no icons
```

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ojú, fìlà, ẹ̀rín, gbogbo ẹ̀, orí ni wọ́n wà! Béèyàn bá ń ka nǹkan tó wà lójú èèyàn sílẹ̀ báyìí, ṣe ni éè-áì á sún mọ́ ọn láti yà á, ojú ọ̀gá onílù á wá kún gbogbo sikirín, aago á sì gba iwájú orí ẹ̀ kọjá. Ẹ ò lè ní kó fi ìlẹ̀kẹ̀ fìlà hàn ketekete kẹ́ ẹ tún ní kí ọkùnrin náà kéré, ọ̀kan á gba ìkejì mọ́ lọ́wọ́.

Èkejì ni “no clock, no icons” yẹn. Ara àwòrán tí wọ́n kọ àkọlé sí ni àwọn éè-áì yìí ti kọ́ṣẹ́, àkọlé sì máa ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán ni, ta ló máa kọ ohun tí kò sí níbẹ̀ sábẹ́ fọ́tò? Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ aago, ẹ ti pe aago nìyẹn, ó lè ya aago gidi sójú ọ̀run fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì tún kọ “phone wallpaper” mọ́ ọn, ó lè ya odindi fóònù pẹ̀lú áíkọ́ọ̀nù lára ẹ̀, àwòrán fóònù nínú fóònù, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ yọ méjèèjì kúrò. Kò yẹ kí éè-áì mọ̀ rárá pé fóònù la fẹ́ gbé e sí.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ nǹkan tó máa WÀ ní ipele kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ pé kí òkè ṣófo, éè-áì kì í fẹ́ràn òfìfo, á wá nǹkan sọ síbẹ̀, igi ni o, ẹyẹ ni o. Ẹ sọ pé òfuurufú ló wà lókè, ẹ sọ àwọ̀ ẹ̀, ẹ sọ pé ó dán. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin wa. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tó wà níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn gan-an lọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yẹn ni àmì ìka máa jókòó lé. Ẹ wo tèmi:

```
Wide shot from far away. The upper half is deep blue
dusk sky, smooth and even. Just below the middle stands
one talking drummer in indigo agbada, whole body from
cap to sandals, a third of the picture height. Below his
feet a long stretch of bare red road fills the foreground.
--ar 9:20
```

Ṣé ẹ rí i pé mo dárúkọ sálúbàtà? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Bí ojú ṣe ń fa kámẹ́rà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ ń lé e sẹ́yìn, torí kò sí bó ṣe máa ya sálúbàtà tí kò ní fún gbogbo ara láyè. Òfuurufú náà, mo ní kó dúdú díẹ̀ torí aago lọ́ọ̀kì sikirín sábà máa ń funfun, tẹ́ ẹ bá lo òfuurufú ọyẹ́ tó funfun bí ẹ̀fun yẹn, ẹ ò ní rí aago kà.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń sọ bí fífẹ̀ àwòrán ṣe máa rí sí gíga ẹ̀, áàpù Midjourney ló ń lò ó, tiyín lè ní ibi tí wọ́n ti ń yan sáìsì. Táápù yín ò bá mọ̀ ju 9:16 lọ, ẹ má bẹ̀rù, àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: àwòrán 1080 sí 1920 máa ní láti ga dé 2400 kó tó kún fóònù mi, fífẹ̀ ẹ̀ á di 1350, fóònù á wá gé 135 kúrò lápá ọ̀tún, 135 lápá òsì. Tí gángan bá nà jáde lápá kan, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ ní kó dúró sáàárín, kí ìlù wà lábíyá ẹ̀.

Tó bá ti yà á tán, ẹ gbé e sórí lọ́ọ̀kì sikirín, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí fìlà bá ṣì kan aago díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da gbogbo ẹ̀ nù jàre, ẹ lo ibi tí wọ́n ti ń fẹ àwòrán sókè, ọ̀pọ̀ áàpù ló ní in, ẹ kọ “more of the same blue sky” síbẹ̀, á fi òfuurufú kún un lókè, ẹ ó wá sún àwòrán wálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà ló tóbi jù, ìyẹn ò ṣe é tún ṣe báyìí, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti sọ bó ṣe ga tó, ẹ sọ ọ́ di “a quarter”.

Ó wá ku hóòmù sikirín, níbi tí áíkọ́ọ̀nù áàpù wà. Ẹ má gbé onílù síbẹ̀ rárá, àfi tẹ́ ẹ bá lè fi ìlà áíkọ́ọ̀nù méjì mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo fún un, èmi ò mọ ẹni tó ń ṣèyẹn o. Òfuurufú tó wà lókè àwòrán yẹn náà ni kẹ́ ẹ gé jáde, ẹ fà á kó kún sikirín, kò ní bàjẹ́ torí àwọ̀ kan náà ni, ẹ fi ṣe hóòmù sikirín. Téèyàn bá ṣí fóònù, á dà bíi pé ó gbójú sókè kúrò lára onílù. Lórí áífóònù, tẹ́ ò bá fẹ́ gé nǹkan kan, bọ́tìnì Blur wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣètò hóòmù sikirín, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tó.