Gbólóhùn kan, ìtumọ̀ mẹ́ta: bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ó fi ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wà ní ọjà ẹran níbí ní Ìlọrin, aládùúgbò yín kan wá sọ pé:

"Sàlíù tún ta lára àwọn àgbò rẹ̀ lánàá."

Ẹ ti gbọ́ ó kéré tán ohun mẹ́ta. Sàlíù ta ẹran lánàá. Ó ti ta àgbò rí ṣáájú àná. Àgbò rẹ̀ kò sì tíì tán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé sí wa létí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kò papọ̀.

Mo ń pe ti àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ dandan. Àgbò, ẹran ni. Ẹni tó bá ta àgbò ti ta ẹran. Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí èyí ṣe lè jẹ́ irọ́. Ìkejì ni mo ń pè ní àgbàṣáájú. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "tún", ló gbé e wá. Aládùúgbò yín kò sọ ọ́ fún yín bí ìròyìn. Ó ṣe bí ẹni pé ẹ ti jọ gbà á tẹ́lẹ̀. Ìkẹta ni àfòyemọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú gbólóhùn náà tó sọ pé àgbò ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin lẹ rò ó pé, bó bá tà wọ́n tán ni, ẹni tó mọ̀ á ti sọ pé ó tà wọ́n tán. Grice, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, ló là á sílẹ̀ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní 1967 pé olùgbọ́ máa ń gbà pé ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ ń sọ ìwọ̀n tó yẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Inú rẹ̀ ló ti ń di odindi.

Báwo la ṣe fẹ́ yà wọ́n? Ẹ kọ́kọ́ fi "kò" sí gbólóhùn náà: "Sàlíù kò tún ta àgbò kankan lánàá." Pé ó ta ẹran lánàá ti lọ. Ṣùgbọ́n pé ó ti tà rí ṣì jókòó síbẹ̀ digbí. Ẹ sọ ọ́ di ìbéèrè: "Ṣé Sàlíù tún ta lára àwọn àgbò rẹ̀ lánàá?" Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi "bí" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Bí Sàlíù bá tún ta lára wọn lánàá, owó á wà lọ́wọ́ rẹ̀." Kò kúrò. Frege, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, ti kíyè sí irú nǹkan báyìí ní 1892: ó ní ẹni tó sọ pé Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ayé àtijọ́, kú sínú ìṣẹ́ àti ẹni tó ní kò kú sínú ìṣẹ́ ti jọ gbà pé Kepler wà.

Àyẹ̀wò yìí kò lè ya ìtumọ̀ dandan kúrò lára àfòyemọ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló ń pòórá. Fún ìyẹn, ẹ gbìyànjú láti fagi lé wọn. "Sàlíù tún ta lára àwọn àgbò rẹ̀ lánàá, kódà, gbogbo wọn ló tà." Etí gbà á. Àfòyemọ̀ ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wá wo èyí: "Sàlíù tún ta lára àwọn àgbò rẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n kò ta ẹran kankan." Ọ̀rọ̀ ti ta ko ara rẹ̀.

Ibì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní àgbàṣáájú kì í kúrò láéláé. Ó ń kúrò. Ẹ gbọ́ èyí: "Bí Sàlíù bá ta àgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jẹ́ pé ó tún tà lánàá." "Tún" wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó sọ ọ́ kò gbà pé Sàlíù ti tà rí. Apá tó ṣáájú ti gbé ohun tí "tún" ń wá kalẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ má fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo dájọ́.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹnu ọjà la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ wo bí olùgbọ́ ṣe ń takò. Ẹni tó fẹ́ takò ìtumọ̀ dandan á ní, "Irọ́ ni, kò ta nǹkan kan." Ẹni tí àgbàṣáájú bá lójijì á ní, "Ẹ dúró ná, mi ò mọ̀ pé ó ti tà rí!" Ó dá ọ̀rọ̀ dúró ná, kó tó lè gba ìròyìn náà tàbí kó kọ̀ ọ́.

Ẹ fi wo ìpàdé ẹbí kan lọ́nà Òmù-Àrán. Bàbá àgbà kan bi ọmọ àbúrò rẹ̀ pé, "Ṣé o ti ṣíwọ́ títa ilẹ̀ ẹbí?" Ọmọ náà kò ta ilẹ̀ rí. Bó bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ti gbà pé òun ń tà á tẹ́lẹ̀. Bó bá ní "Rárá, sà," ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀, kó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ta ló sọ fún yín pé mo ta ilẹ̀ rí?"