Iná ń jó, òpópónà yín ò lórúkọ: ohun tí ẹ máa sọ lórí fóònù

Ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé fóònù nígbà tí ẹ bá pe panápaná l'Ékòó. 767 tàbí 112 ni kí ẹ tẹ̀; kò ní gba owó lórí fóònù yín. Ẹ kọ́kọ́ jáde nílé ná kí ẹ tó pè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọgun pé "Ẹ gbà wá o, iná ń jó!" Mo ti mọ̀ pé iná ń jó. Ibi tó ti ń jó ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, torí bí ìpè bá já lójijì, mo ti mọ ibi tí n ó rán ọkọ̀ sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà ìlú, kí ẹ tó dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tó wà létí títì. Ágíríìkì wà n'Íkòròdú, ó tún wà l'Ọ́jọ́. Ẹni tó bá ní "Ágíríìkì la wà" kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.

Láti bọ́sítọ́ọ̀pù yẹn, ẹ júwe ọ̀nà bí awakọ̀ ṣe máa bá a wọlé. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣì í: ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tó kọjú sí títì á máa pe ọwọ́ òsì awakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí:

"Ìkòròdú ni, lọ́nà Ìgbógbó. Tí ẹ bá ń ti Ìkòròdú bọ̀, ẹ ó rí ilé epo lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ yà sí ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọ̀tún náà ni. Ẹ ka oríta méjì, ẹ yà sósì níbi òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilé alájà kan ni, ilé kẹta."

Ilé epo àti òpó gíga ṣeé rí lóru. "Ilé Bàbá Alájà" àti "ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tẹ́lẹ̀" ò lè ran àlejò lọ́wọ́.

Bí ẹlòmíì bá ní Google Maps, kó tẹ ìka mọ́ ibi tí ẹ wà títí àmì pupa á fi yọ. Nọ́ńbà méjì máa hàn. L'Ékòó, 6 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ èkíní, 3 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ èkejì, àmọ́ ó lè jẹ́ 2 lápá Àgbádárìgì, tàbí 4 ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn ìpínlẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibòmíì lẹ tẹ̀. Ẹ kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n kà á padà fún yín.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá sọ ohun tó ń jó, bóyá gáàsì tàbí bẹntiróòlù wà níbẹ̀, àti bóyá ẹnì kan ṣì wà nínú ilé, nínú yàrá wo. Ẹ sọ bí wọ́n bá ti géètì àdúgbò pa, tàbí bí wáyà bá rọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ wa ga, ó sì wúwo. Afárá onípákó ò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì lọ dúró níbi ilé epo yẹn. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ àfi tí mo bá ní kí ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má sì fi í pe mọ̀lẹ́bí lẹ́yìn náà: nọ́ńbà yẹn ni awakọ̀ máa pè bó bá sọnù.